Títún Ímeèlì Ìbínú Kọ, Kí Ẹ̀sùn Dúró Kí Èébú Lọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Mo máa ń bá àwọn ará àdúgbò wa ka ímeèlì tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí onílé tàbí ejẹ́ǹtì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ, ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni wọ́n sì máa ń bi mí jù. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo fi dáhùn gbogbo wọn. Èmi ni mo hun ún láti inú irú rẹ̀ tí mo ti rí, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni pàtó.

Irú ímeèlì wo gan-an ni ẹ ń sọ?

Ẹ wo obìnrin kan tó gba ilé oníyàrá méjì ní Ṣómólú. Òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní oṣù Kẹrin, ó sọ fún ejẹ́ǹtì, ejẹ́ǹtì ṣèlérí, káfíńtà wá lẹ́ẹ̀kan, kò padà. Nígbà tí òjò oṣù Kẹfà wá rọ̀ bí òjò oṣù Kẹfà ṣe máa ń rọ̀ l'Ékòó, àjà yàrá já lulẹ̀ lóru ọjọ́ 20. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó jókòó ti fóònù rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ yìí:

"Ó ti sú mi!!! Láti oṣù Kẹrin ni mo ti ń sọ fún ọ pé òrùlé ń jò, etí dídi lo fi ń gbọ́. Irọ́ lo máa ń pa nígbà gbogbo. Owó ilé nìkan lẹ mọ̀ ọ́n gbà. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ rán káfíńtà tí kò mọṣẹ́ wá kí ẹ lè fi tàn mí jẹ ni. Lánàá, àjà já lé ibùsùn mi, omi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, àwọn ọmọ mi sunkún mọ́jú. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ṣe é bó bá jẹ́ ọmọ yín? Aláìláàánú ni yín. Ẹni tó bá jẹ owó ọmọ ọlọ́mọ kò ní jẹ ẹ́ gbádùn. Bí ẹ kò bá tún un ṣe, ẹ óò rí màbo, gbogbo Ṣómólú ló máa mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́."

Kò sí ẹni tó máa kà á tí kò ní mọ̀ pé wọ́n ṣẹ obìnrin yìí. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ejẹ́ǹtì lè dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láì dárúkọ òrùlé rárá. Ó lè sọ pé òun kì í ṣe òpùrọ́, pé òun ní àánú, pé wọ́n ti gbé òun ṣépè, kó sì fi ìwà àìmọ̀wàáhù tó rí nínú lẹ́tà náà han onílé. Ìdí tí a fi ń tún un kọ nìyẹn: kí ó má baà rí nǹkan mìíràn dáhùn ju òrùlé lọ.

Ṣé kí n tiẹ̀ má kọ ti ìbínú náà rárá?

Ẹ kọ ọ́. Nínú ìbínú, ènìyàn máa ń rántí ohun tí kò ní rántí lọ́la: ohun tí káfíńtà sọ kó tó sọ̀kalẹ̀, wákàtí tí àjà já, iye tí ẹ ra ibùsùn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àyè tó wà fún `To` ṣófo pátápátá títí ẹ óò fi tún un kọ tán. Bí ẹ bá ń fèsì ímeèlì tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí yín, àdírẹ́sì ẹni náà ti wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ímeèlì tí kò ní àdírẹ́sì kò lè lọ, ì báà jẹ́ pé ọmọ yín fi ìka kan bọ́tìnì.

Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bí ọ̀rọ̀ náà bá lè dúró. Bí omi bá ń jò lọ́wọ́, ẹ fi fóònù pè nípa omi, kí ẹ sì jẹ́ kí ímeèlì dúró.

Báwo ni mo ṣe ń mọ gbólóhùn tó jẹ́ ẹ̀sùn, àti èyí tó jẹ́ èébú lásán?

Ẹ bi ara yín pé: bí a bá pe ẹnì kan tí kò mọ èmi tí kò sì mọ ejẹ́ǹtì, ǹjẹ́ ó lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò? Ó lè wo àjà tó já, ó lè wo ibùsùn tó rẹ, ó lè wo ọjọ́ tí ìpè wáyé lórí fóònù yín. Kò lè wo inú ejẹ́ǹtì láti mọ̀ bóyá àánú wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má tíì pa èyí tí kò yege rẹ́, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣàṣìṣe. Èébú dà bí ẹ̀pà tó wà nínú èèpo. Ẹ kọ́kọ́ pa á, kí ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó da èèpo nù. Ẹni tó bá kàn gbá gbogbo èébú dànù yóò gbá ẹ̀sùn rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ mú "Irọ́ lo máa ń pa nígbà gbogbo." Nígbà tí a pa á, a rí i pé ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, ejẹ́ǹtì sọ lórí fóònù pé àtúnṣe yóò parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méje sì ti kọjá láti ìgbà náà. Ìyẹn lágbára ju "òpùrọ́" lọ, kò sì ní ibi tí ó lè gbà jiyàn. Ọ̀rọ̀ náà "nígbà gbogbo" tún ní ewu tirẹ̀, nítorí ejẹ́ǹtì yóò rántí ìgbà kan ṣoṣo tí ó mú ìlérí ṣẹ, àríyànjiyàn yóò sì kúrò lórí òrùlé bọ́ sórí ìgbà kan yẹn.

"Owó ilé nìkan lẹ mọ̀ ọ́n gbà" náà ní ẹ̀pà nínú. Ayálégbé yìí san ₦900,000 fún ọdún kan ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, kò sì jẹ gbèsè kankan. Ó yẹ kí ìyẹn wà nínú lẹ́tà, nítorí ó ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé obìnrin náà ti ṣe ipa tirẹ̀ nínú àdéhùn.

"Aláìláàánú ni yín" ńkọ́? Mo pa á, n kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òun ni a lè dà nù láìwẹ̀yìn.

Ó dá mi lójú pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kí ló dé tí n kò lè sọ bẹ́ẹ̀?

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi hàn, òun sì lè sẹ́ ẹ, nígbà tó bá sì sẹ́ ẹ tán, yóò dà bí ẹni pé gbogbo lẹ́tà náà ló ti ṣubú. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: káfíńtà wá ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ó gun òkè, ó ní páànù mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀, ó lọ, kò padà wá. Ẹni tó bá ka ìyẹn yóò fúnra rẹ̀ béèrè pé kí ló dé tí kò padà, èrò tí òǹkàwé bá sì fi orí ara rẹ̀ rò máa ń dúró ju èyí tí ẹ kọ fún un.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìbéèrè tí kì í ṣe ìbéèrè, irú bíi "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ṣe é bó bá jẹ́ ọmọ yín?" Ẹ kò retí ìdáhùn sí i, ọmọ rẹ̀ kò sì sí nínú àdéhùn ilé. Ìbéèrè tí ẹ nílò ìdáhùn sí nìkan ni kí ẹ bi í: ọjọ́ wo ni káfíńtà ń bọ̀?

Ṣé ìyàtọ̀ wà láàárín "o" àti "ẹ" nínú irú lẹ́tà báyìí?

Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ẹ padà wo ímeèlì àkọ́kọ́: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "fún ọ" àti "lo máa ń pa", ó sì yí sí "ẹ" láàárín. Ẹni tó bá jẹ́ pé "ẹ" ni ẹ ti ń bá a sọ láti ọjọ́ tí ẹ ti gba ilé, bí ó bá rí "o" nínú ìwé lójijì, kò ní ka ohun tó tẹ̀lé e mọ́. Lójú tirẹ̀, ẹ ti na ọwọ́ sí i lójú. Ìyípadà kékeré yìí máa ń dunni ju ọ̀rọ̀ tí ẹ rò pé ó le jù lọ nínú lẹ́tà náà, bẹ́ẹ̀ ni ó rọrùn láti tún ṣe: ẹ wá gbogbo "o" rí, kí ẹ sì sọ ọ́ di "ẹ", ì báà jẹ́ pé ẹ ju ejẹ́ǹtì náà lọ lọ́jọ́ orí. Ìwọ̀sí kò sí nínú rẹ̀ fún yín.

Ṣùgbọ́n "ẹ" pẹ̀lú ní ìṣòro kan tí àwọn ènìyàn kì í kíyè sí. Ẹnì kan la fi ń bọ̀wọ̀ fún, ọ̀pọ̀ ènìyàn la sì tún ń fi pè. Bí ẹ bá kọ "ẹ kò dáhùn", ejẹ́ǹtì lè rò pé òun àti onílé ni ẹ jọ ń bá wí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, níbi tó bá ti pọn dandan, ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan: "ẹ̀yin fúnra yín lẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 2", tàbí "n kò mọ̀ bóyá onílé ti gbọ́."

Ìkíni àti òwe ńkọ́?

Ìkíni kan tó bá àkókò mu tó. "Ẹ kú iṣẹ́, sà" kò dín ẹ̀sùn kù. "Ẹ kú ìgbádùn owó ilé" kì í ṣe ìkíni, ẹ̀yin náà sì mọ̀.

Ní ti òwe, mo máa ń yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú lẹ́tà ẹ̀sùn, bó ti wù kí ó dùn tó. "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ" wọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, àmọ́ ajá ni ejẹ́ǹtì yóò rí nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá pa òwe lójúkojú, ẹ̀rín wà lójú, ohùn wà, "tótó ó ṣe bí òwe" sì wà fún ẹni tó kéré. Kò sí ìkankan nínú wọn lórí ojú fóònù. Àdúrà tó jọ èpè pẹ̀lú, irú bí "kò ní jẹ ẹ́ gbádùn" tàbí "Ọlọ́run á dájọ́", òun ni ejẹ́ǹtì máa kọ́kọ́ fi han ìyàwó rẹ̀.

Bí mo bá yọ gbogbo èyí, ṣé lẹ́tà náà kò ní rọ̀ jù?

Ó lè rọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni mo sì máa ń rí i lọ́dọ̀ àwọn tí ìbínú wọn ti lọ tán. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń kọ èyí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu, mo kàn ní kí n rán yín létí ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn, nígbà tí àyè bá gbà yín." Kò sí ọjọ́ níbẹ̀, kò sí àjà tó já, kò sí ibùsùn, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ ló tún ń tọrọ àforíjì. Ejẹ́ǹtì tó ka èyí yóò gbà pé ọ̀rọ̀ náà lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, a kò sì lè dá a lẹ́bi, nítorí ohun tí lẹ́tà náà sọ fún un nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ti rọ̀ jù, ẹ fún ẹlòmíràn kà, kí ó sì sọ ohun mẹ́ta fún yín: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló ti ná yín, kí lẹ ń béèrè àti ọjọ́ wo. Bí ọ̀kan kò bá sí, ẹ̀sùn ti jò dànù.

Ìbínú náà kò sì gbọ́dọ̀ pòórá pátápátá. Gbólóhùn kan tó sọ ohun tó ṣe yín, tí kò sì sọ irú ènìyàn tí ejẹ́ǹtì jẹ́, ní láti kù: "Inú mi bàjẹ́ gidigidi pé mo sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹta kí àjà tó já." Ẹ fi í sí ẹ̀yìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá ṣáájú, yóò dà bí ẹkún. Bó bá tẹ̀lé e, yóò dà bí ohun tó yẹ.

Ṣé mo lè halẹ̀?

"Ẹ óò rí màbo" kò ní ọjọ́, kò sì ní ohun tí ẹ óò ṣe, nítorí náà kò bà ẹnikẹ́ni lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó ń bí ènìyàn nínú. Ẹ fi ìgbésẹ̀ tí ẹ lè gbé ní tòótọ́, tí ẹ sì ṣetán láti gbé, rọ́pò rẹ̀. L'Ékòó, ibùdó ìlàjà aráàlú kan wà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1999. Wọ́n ń bá onílé àti ayálégbé parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ láìgba owó. Kí ẹ sọ pé ẹ óò lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan pàtó kì í ṣe ìhalẹ̀, ìsọfúnni ni.

Ẹ má ṣe dárúkọ ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ ṣọ́jà. Ẹ má sì ṣe sọ pé ẹ óò yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó ilé àfi bí àdéhùn yín bá gbà á láyè, nítorí ìyẹn lè sọ yín di ajigbèsè nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ ti ní ẹ̀tọ́.

Báwo ni odindi lẹ́tà náà ṣe wá rí?

Níbi tó wà fún `Subject`, kí ó kọ: Òrùlé tó ń jò ní yàrá kejì, àtúnṣe kí ó tó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà. Lẹ́yìn náà:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà.

Ní òru ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà, àjà yàrá kejì já lulẹ̀ nítorí omi òjò tó ń gba òrùlé wọlé. Ó já lé ibùsùn tí mo rà ní ₦85,000, kò sì ṣeé lò mọ́. Èmi àti àwọn ọmọ mi ti kúrò nínú yàrá náà. Àwòrán mẹ́rin wà nínú ímeèlì yìí.

Mo kọ́kọ́ pè yín nípa òrùlé yìí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, mo tún pè, ẹ sì sọ pé àtúnṣe yóò parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Káfíńtà wá ní ọjọ́ 9, ó ní páànù mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀, ṣùgbọ́n kò padà wá. Mo pè yín lẹ́ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà. Mo san ₦900,000 owó ilé ọdún yìí ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, n kò sì jẹ gbèsè. Inú mi bàjẹ́ gidigidi pé mo sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹta kí àjà tó já.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí a pààrọ̀ páànù náà, kí a sì tún àjà ṣe kí ó tó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, kí a sì san ₦85,000 owó ibùsùn padà kí ó tó di ọjọ́ 5 oṣù Keje. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí káfíńtà yóò wá fún mi kí ó tó di ọ̀la. Bí àtúnṣe kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28, n óò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibùdó ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀.

Ẹ ṣeun."

Ẹ kíyè sí i pé kò gùn púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ti wàhálà kíkà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹkún àwọn ọmọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo rò ó dáadáa kí n tó yọ ọ́, nítorí òótọ́ ni, àmọ́ "èmi àti àwọn ọmọ mi ti kúrò nínú yàrá náà" sọ ọ́ láìbéèrè àánú.

Ṣé kí n fi onílé sí `Cc`?

Bí ẹ bá ti bá ejẹ́ǹtì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìrí ojútùú, ó yẹ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí onílé. Ẹ má fi í pamọ́ sínú `Bcc`. Bí onílé bá fi `Reply all` fèsì, ejẹ́ǹtì yóò mọ̀ pé ẹ ti gba ẹ̀yìn òun, ìjà tuntun nìyẹn.

Mo ti fi ti ìbínú ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Lórí Gmail, `Undo Send` ń fún yín ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún láti dá a padà, ẹ sì lè sọ ọ́ di ọgbọ̀n nínú ètò rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti kọjá, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ wá kọ èkejì tó kúrú: "Mo tọrọ àforíjì fún àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fi pè yín nínú ímeèlì mi àná. Àlàyé ọ̀rọ̀ òrùlé nìyí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti ohun tí mo ń béèrè." Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ lẹ́tà tuntun mọ́ ọn. Ẹ tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, kí ẹ má tọrọ rẹ̀ fún ẹ̀sùn. Ẹ má sì fi "ṣùgbọ́n" so méjèèjì pọ̀, nítorí ẹni tó bá gbọ́ "mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n" kò gbọ́ àforíjì kankan.

Bí ejẹ́ǹtì bá fi èébú fèsì ńkọ́?

Ẹ pa ẹ̀pà tirẹ̀ náà. Ká ní ó kọ pé: "Ṣé ilé bàbá yín ni tí ẹ fi ń pàṣẹ fún mi? Ayálégbé oníwàhálà bíi tiyín kò sí rí. Káfíńtà máa wá ní Ọjọ́bọ̀." Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wúlò nínú rẹ̀, òun nìkan sì ni ẹ óò dáhùn: "Ẹ ṣeun, sà. Mo ti rí i pé káfíńtà yóò wá ní Ọjọ́bọ̀. N óò wà nílé láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀."